Èló ni ká pe ilé wa? Bí a ṣe ń fi ilé aládùúgbò díwọ̀n owó ilé

Oṣù márùn-ún gbáko ni fúláàtì mi ní Akóbò, n'Íbàdàn, fi ṣófo lẹ́yìn tí ayálégbé tó wà níbẹ̀ kó jáde. ₦900,000 lọ́dún ni mo pè é. Níbo ni mo ti rí iye yẹn? Ẹnu géètì ni mo dúró sí lọ́jọ́ kan tí aládùúgbò mi ní, "Ilé tó wà níwájú yẹn, ₦900,000 ni wọ́n ń pè é." Mo wo ilé náà, mo wo tèmi, mo ní tèmi kúkú dára jù ú lọ. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ilé tí à ń wí yìí fúnra rẹ̀ kò tíì rí ẹni gbà á. Iye tí wọ́n ń pè ni aládùúgbò mi gbọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì san án.

Tí ẹ bá pín ₦900,000 sí oṣù méjìlá, ₦75,000 ló bọ́ sí oṣù kan. Oṣù márùn-ún jẹ́ ₦375,000. Kó tó di pé ẹlòmíì náà fi owó tirẹ̀ kọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí mo gbà wá iye tó yẹ nígbà tí mo padà jókòó ro ó. Àwọn iye tí mo máa mẹ́nu bà jẹ́ ti ilé mi àti ti àwọn ilé tó yí i ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ má kó iye náà lọ sí àdúgbò yín. Ọ̀nà tí mo gbà ṣírò ni kí ẹ mú lọ.

Ẹ rìn wọ ilé yín bí àlejò

Kí ẹ tó fi ilé yín wé ti ẹlòmíì, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ pa mọ́tò tì lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbi tí ayálégbé máa bọ́ sí, kí ẹ wo aago, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn délé. Tèmi gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án láti ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Ojúrin kọjá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa tó máa ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa. Èmi tó jẹ́ pé mọ́tò ni mo fi ń wọlé jáde níbẹ̀, tí wọ́n bá bi mí tẹ́lẹ̀, "ìṣẹ́jú mẹ́ta péré" ni mi ò bá sọ, mi ò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Tí ẹ bá délé, ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ láìfi ìfẹ́ kọ ọ́. Tèmi rí báyìí: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé onífúláàtì mẹ́rin. Yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnì. Tọ́lẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan nínú yàrá ńlá, èkejì fún gbogbo ilé. Omi bòhóòlù wà, ó sì ń yọ dé òkè níwọ̀n ìgbà tí tanki bá kún. Mítà aládàáni, tí wọ́n ń ra káàdì sí, kò sí ẹni tí a jọ ń lò ó. Báńdì C ni iná wa. Mọ́tò kan ṣoṣo ló lè sùn nínú ọgbà fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ dán nǹkan wò, ẹ má kàn kọ ọ́. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi lókè, ẹ wò ó bóyá ó ń tú jáde tàbí ó ń kán. Ẹ fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ayálégbé tó mọ nǹkan tó ń ṣe máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ èsì rẹ̀.

Ilé wo la lè fi wé e?

Kì í ṣe gbogbo ilé tó bá ti sún mọ́ tiyín ni ẹ lè fi wé e. Ìbéèrè tó ń yanjú rẹ̀ ni pé: ẹni tó wá wo ilé mi tí kò gbà á, ibo ló máa gbà lọ wò lẹ́yìn rẹ̀? Ibi tó bá lọ yẹn, ibẹ̀ ni ojúgbà ilé yín wà. Ní tèmi, àwọn tó ń wá fúláàtì oníyàrá méjì lọ́nà Ojúrin máa ń wo ìhà Jẹ́nẹ́rà Gáàsì náà, àwọn mìíràn á wo Báṣọ̀run. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń bá dé ìgboro. Wọn kì í fi Bódìjà kún un, nítorí pé owó ẹni tó ń wá ilé ní Bódìjà yàtọ̀. Ilé kan sì lè wà tí òrùlé rẹ̀ hàn kedere láti fèrèsé yín, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé odò ló là yín láàárín, tí èrò ibẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn jáde. Ìyẹn kì í ṣe ojúgbà ilé yín rárá.

Irú ilé náà gbọ́dọ̀ bára mu. Fúláàtì oníyàrá méjì ni ká fi wé fúláàtì oníyàrá méjì. Àwọn kan máa ń sọ pé tí yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ bá ń lọ ní ₦400,000, oníyàrá méjì yẹ kó lọ ní ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń gba fúláàtì, ìdí tí wọ́n fi ń wá ilé kò jọra.

Ilé mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Mo ti rí ẹni tó kó ilé ogún jọ látorí Wáásáàpù àwọn alágbàtà, tí kò sì mọ̀ bóyá ọ̀kan lára wọn ní omi. Ilé mẹ́ta tí ẹ wọ inú rẹ̀ sàn ju ogún tí ẹ kàn rí fọ́tò rẹ̀.

Owó mẹ́ta ló wà lórí ilé kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa onílé ti ń ṣi ìṣirò, nítorí náà mo fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Owó àkọ́kọ́ ni èyí tí onílé ń pè. Òun ló wà lára pátákó, òun ló wà lórí Wáásáàpù, òun sì ni aládùúgbò máa ń gbọ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti pe owó. Owó kejì ni èyí tí ayálégbé tó ti pẹ́ níbẹ̀ ń san. Ó lè ti wọlé láti ọdún 2020, kí onílé máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí ìtìjú má sì jẹ́ kó fi kún un tó. Owó yẹn ti gbó. Owó kẹta ni èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, láàárín oṣù mẹ́fà sí àkókò yìí, kà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an tán. Òun nìkan ni ẹ lè fi díwọ̀n.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ibi tí kọ́tìnnì tuntun ti yọ lójú fèrèsé, tàbí ibi tí mọ́tò akẹ́rù ti já ẹrù láìpẹ́. Ẹ kí wọn, ẹ sọ pé ẹ̀yin náà ní ilé níwájú, ẹ ò sì fẹ́ ṣi owó pè. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ òtítọ́ tí wọ́n bá ti rí i pé kì í ṣe owó ni ẹ wá gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá kan tiẹ̀ mú ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀ jáde fún mi, ó ní kí n wò ó fúnra mi, nítorí ó dá a lójú pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ti àwọn alágbàtà, bí ẹ bá ṣe bi wọ́n ni wọ́n á ṣe dá yín lóhùn. Bí èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ṣe sọ ọ́ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni fúláàtì oníyàrá méjì ládùúgbò yìí?"

"₦900,000. Àwọn mìíràn ń pe mílíọ̀nù kan."

"Èyí tí ẹ fún èèyàn gbẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn? ₦800,000 ni wọ́n pè é. Wọ́n ná an títí, ₦700,000 ni wọ́n gbà á."

"Ó pẹ́ kó tó lọ?"

"Ó pẹ́ díẹ̀. Ó tó oṣù méjì kí ọwọ́ bàbá onílé tó rọ̀."

Ẹ rí i pé ìbéèrè kejì àti ìkẹta ni èsì wà nínú wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé alágbàtà tó ń fẹ́ kí ẹ gbé ilé yín fún òun lè pe owó ńlá fún yín kí inú yín lè dùn. Tó bá di oṣù kejì, òun kan náà ló máa pè yín pé ọjà ò yá.

Ẹ wo pátákó "Túù Lẹ́ẹ̀tì" tó wà lára ògiri náà. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí wáyà tó so ó ti dípẹtà, ń sọ ọ̀rọ̀ fún yín: iye tí wọ́n ń pè nínú ilé yẹn, àwọn èèyàn ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti kọjá lọ.

Ẹ yọ, ẹ fi kún un

Kò sí ilé méjì tó bára mu délẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ni pé ká mú owó tí wọ́n san lórí ilé kejì, ká wá béèrè pé: bó bá jẹ́ pé ilé yẹn rí bí tèmi, èló ni ẹni yẹn ì bá san? Bí ilé yẹn kò bá ní ohun tí tèmi ní, a fi owó kún owó rẹ̀. Bó bá ní ohun tí tèmi kò ní, a yọ kúrò nínú owó rẹ̀. Owó ilé ti ẹlòmíì là ń fọwọ́ kàn o, àwọn èèyàn máa ń gbé e sódì.

Ilé Kìíní wà lójú títì tèmi gan-an, ilé mẹ́ta sí tèmi. Ẹni tó wà níbẹ̀ kó wọlé ní oṣù méjì ṣáájú ìgbà tí mo lọ bi í, ₦700,000 ló san. Ó jọ tèmi nínú gbogbo nǹkan, àfi pé kànga ni wọ́n ní, kò sí bòhóòlù. Wọ́n ń fa omi gòkè.

Èló ni omi tó ń yọ nínú ilé fi dára ju kànga lọ? Mo bi ìyàwó ilé náà. Ó ní ọmọkùnrin kan máa ń pọn omi fún àwọn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ₦100 fún kẹ́ẹ̀gì kan. Ìyẹn ₦1,600 lọ́sẹ̀, ó sì jẹ́ ₦83,200 lọ́dún. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ilé kan náà tí àwọn ọmọ wọn ń pọn ọ́n, tí wọn kì í san kọ́bọ̀. Nítorí náà mi ò kó gbogbo rẹ̀ lé e. Ìdajì ni mo mú, mo sì pè é ní ₦40,000. Ilé Kìíní wá di ₦740,000.

Ilé Kejì wà létí ọ̀nà ọlọ́dà. ₦850,000 ni wọ́n san, oṣù mẹ́rin ṣáájú. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò ní í gun ọ̀kadà wọlé. Ẹni tó ń gbé ilé mi lè fẹsẹ̀ rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, tàbí tí òjò bá ti ba ilẹ̀ jẹ́, á gun ọ̀kadà, ₦200 sì ni. Tí tọkọtaya bá ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó tó ₦100,000 lọ́dún. Wọn ò lè máa gùn ún lójoojúmọ́, mo wá yọ ₦80,000. Ilé Kejì di ₦770,000. Ariwo ọkọ̀ wà létí ọ̀nà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo bi ẹni mẹ́ta, kò sí ẹni tó ní òun lè tìtorí ariwo san owó tó dín. Mo fi í sílẹ̀.

Ilé Kẹta, ₦620,000 ni wọ́n san. Fúláàtì méjì ló ń lo mítà kan ṣoṣo níbẹ̀, tọ́lẹ́ẹ̀tì kan ló sì ní. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá aládùúgbò pín owó káàdì iná rí mọ ìjà tó wà nínú rẹ̀: ta ló ń lo áyọ́ọ̀nù, ta ló ní fíríìjì ńlá, ta ló rìnrìn àjò tí kò fẹ́ dá owó. Ọ̀nà kan wà tó mọ́ jù láti mọ iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó, ìyẹn ni ká wá ilé méjì tó jọra nínú ohun gbogbo àyàfi ohun kan yẹn. Mo rí i ní títì kejì: fúláàtì méjì nínú ilé kan náà, èyí tó ní mítà tirẹ̀ gba ₦680,000, èyí tí kò ní in gba ₦620,000. ₦60,000 ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹnu ọjà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Fún tọ́lẹ́ẹ̀tì kejì mo fi ₦40,000 kún un. Èyí jẹ́ àbá tèmi, mi ò rí ilé méjì tí mo lè fi wé ara wọn lórí ìyẹn. Ilé Kẹta di ₦720,000.

Ilé Kẹrin ni èyí tí aládùúgbò mi sọ fún mi níjọ́sí. Owó tí wọ́n ń pè ni, kò sí ẹni tó san án. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ṣírò rẹ̀. Ilé Karùn-ún ni ti ìyá kan tó ń san ₦450,000 láti ọdún 2021. Mi ò ṣírò ìyẹn náà.

Ilé Kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. ₦900,000 ni wọ́n san lóòótọ́, mo sì ti fẹ́ máa yọ̀. Àṣé píópì wà lókè rẹ̀, ìńtálọ́ọ̀kì wà nílẹ̀, mẹ́gáàdì ń ṣọ́ géètì, ilé ọdún méjì ni, wọ́n sì tún ń san owó ìtọ́jú ọgbà lọ́tọ̀. Nígbà tí mo yọ èyí tí mo yọ tọ̀hún, ohun tí mo yọ ti kọjá ìdámẹ́rin owó náà. Nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilé yẹn kì í ṣe ojúgbà tiyín mọ́, àbá lásán lẹ ń dá. Ẹ yọ ọ́ sọ nù.

Mẹ́ta ló kù: ₦740,000, ₦770,000, ₦720,000. Ẹ má kàn kó wọn pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Èyí tí ẹ yọ tàbí fi kún díẹ̀ jù lọ ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu jù lọ. Ilé Kìíní ni tèmi, nítorí títì kan náà ni wa, nǹkan kan ṣoṣo ló sì yà wá. ₦740,000 ni mo dúró lé.

Ọ̀rọ̀ méjì kí n tó kúrò níbí. Báńdì iná kò rọrùn bí àwọn onílé ṣe rò. Ẹni tó wà ní Báńdì A, wákàtí ogún lójúmọ́ ni wọ́n ní kó máa rí iná, ẹni tó wà ní Báńdì C wákàtí méjìlá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó iná Báńdì A kúrò ní nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, àwọn ayálégbé kan wà tí wọ́n ń sá fún un. Ẹni tó ń ta omi tútù tàbí tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ máa san owó ilé tó pọ̀ sí i nítorí Báńdì A. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́ lè má fẹ́ ẹ. Ẹ bi àwọn tó ń wá ilé ládùúgbò yín kí ẹ tó fi nǹkan kan kún owó nítorí rẹ̀.

Èkejì ni owó tí ẹ fi ṣe ilé. Mo ná owó gidi sórí táìlì kíṣìnì mi, mo sì fẹ́ kí ayálégbé san án padà fún mi. Ayálégbé kò rí owó táìlì. Ó rí kíṣìnì tó mọ́, kíṣìnì tó mọ́ sì wà nínú Ilé Kìíní àti Ilé Kejì náà. Iye tí sìmẹ́ǹtì di lọ́jà kò kàn án.

Ẹ wo àpò ẹni tó máa san án

Ilé tó jọ tiyín lè fi yé yín pé ₦740,000 ló tọ́, kí owó náà má sì jáde lápò ẹni tó ń wá ilé. Àwọn wo ló ń wá wo ilé mi? Nọ́ọ̀sì, tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń ta ohun èlò fóònù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. ₦740,000 lọ́dún sì jẹ́ nǹkan bí ₦61,700 lóṣù, nítorí náà ẹni tó ń gba owó yẹn nìkan kò lè dá a san láé. Tọkọtaya tí owó àwọn méjèèjì tó ₦300,000 lóṣù ni ilé yìí wà fún. Ìdámárùn-ún owó wọn ló máa gbà. Nígbà tó bá ti ń lọ sí ìdámẹ́ta, ẹ ó rí i pé wọ́n á wọlé lọ́dún kìíní, tó bá di ọdún kejì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lórí fóònù tí wọn ò ní gbé e.

Kì í sì ṣe owó ilé nìkan ni wọ́n ń kó wá. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ni, owó alágbàtà wà nínú ẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì wà, kọ́ṣọ̀n wà. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: ₦740,000, ìdá mẹ́wàá fún alágbàtà jẹ́ ₦74,000, ìdá mẹ́wàá fún àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ₦74,000, kọ́ṣọ̀n ₦50,000. ₦938,000 ni gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́.

Mo bi ọ̀gbẹ́ni alágbàtà yẹn pé èló ni àwọn tó ń wá irú ilé yìí máa ń sọ pé àwọn ní lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í yí padà: "A ní nǹkan bí ₦850,000 sí ₦900,000, gbogbo ẹ̀ gbogbo ẹ̀." Ẹ gbọ́ "gbogbo ẹ̀" yẹn dáadáa. Òun ni owó àjọ, owó kọpurétíìfù, àti èyí tí ẹ̀gbọ́n yá wọn. Tí mo bá dúró lórí ₦938,000, àwọn tó yẹ kó gba ilé mi kò ní í wá wò ó rárá.

Ohun tí onílé máa ń ṣe tó bá rí báyìí ni pé á gé owó ilé. Èmi ò gé e. Àwọn owó tó yí i ká ni mo gé. Àgírímẹ́ǹtì, mo ní kí ó jẹ́ ìdajì, ₦37,000. Lọ́yà tó ń kọ ọ́ fún mi gbà. Kọ́ṣọ̀n, mo gbé e sí ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦881,000. Ẹ rí i, owó àgírímẹ́ǹtì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń san án, kì í ṣe tèmi pàápàá. Owó ilé ni wọ́n á máa san lọ́dọọdún, orí rẹ̀ sì ni a ó ti máa ṣírò àfikún.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gba ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Yàtọ̀ sí pé ó ń lé ọ̀pọ̀ ayálégbé sá, ẹ ti fi owó òní de ara yín mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì. Fún àwọn tí ilé wọn wà l'Ékòó, òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2011 kò gbà kí ẹ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Fítóríà Áílándì àti Jíáréè Ìkẹjà sílẹ̀.

Ẹ gbé e síta, ẹ ka èsì rẹ̀

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ná an. Ilé tí wọn ò ná ní Ìbàdàn, ẹni tó ni ín ló ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà yẹn kò gbọdọ̀ pọ̀. Tí ẹ bá pe ₦900,000 nígbà tó jẹ́ pé ₦740,000 lẹ máa gbà, ẹni tó ní ₦750,000 lọ́wọ́ kò ní í dúró ná an, á kọjá lọ ni. Mo pè é ní ₦770,000.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ ò lè gbà kí wọ́n já a wálẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò kan. Ká ní mo taku pé ₦800,000 ni mo fẹ́ dípò ₦740,000. ₦60,000 ni mo máa fi jèrè lọ́dún yẹn. Oṣù kan tí ilé bá fi ṣófo jẹ́ ₦61,700 tó bá jẹ́ ₦740,000 ni à ń ṣírò. Oṣù kan ṣoṣo ti jẹ èrè ọdún náà tán. Tó bá di oṣù méjì, ₦800,000 ti di nǹkan bí ₦667,000 lọ́wọ́ mi. Mo lẹ ìṣirò yìí mọ́ ara ògiri níbi tí mo ti ń gba fóònù, nítorí ara mi ni mo bẹ̀rù jù.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e síta, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni mélòó ló pè, mélòó ló wá wò ó, mélòó ló sọ iye kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí fóònù kò dún, owó yín ti ga jù, tàbí kó jẹ́ pé ìkéde yín kò dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ bi alágbàtà bóyá ó tiẹ̀ ń fi ilé yín han ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń pè tí wọ́n sì ń wá wò ó, tí wọn kì í padà wá, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó. Nǹkan kan wà nínú ilé náà tí wọn ò fẹ́, ẹ ní kí alágbàtà bi wọ́n nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀. Ní tèmi, ẹni méjì sọ ohun kan náà: òórùn gọ́tà tó wà lẹ́yìn fèrèsé kíṣìnì. Mo san ₦6,000 fún àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ká ní mo ti sáré gé owó ni, ₦50,000 lọ́dún ni mi ò bá fi ra òórùn gọ́tà.

Bí ẹni mẹ́ta bá sì gbé owó wá lọ́jọ́ kìíní láìná an rárá, ẹ ti pè é kéré jù. Tí ẹ ò bá tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lè gbé e sókè fún ẹni tó máa wá lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti gba owó, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn.

Èmi fún ara mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní bí kò bá sí ẹni tó mú owó wá títí di ìgbà yẹn, màá gé ₦30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ₦5,000 lónìí ₦5,000 lọ́la tí ẹnikẹ́ni ò ní í kíyè sí. Kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀ wá. Ọkọ ná an, ó ní ₦700,000. Mo mú bébà mi jáde, mo fi Ilé Kìíní hàn án, mo ní kó lọ bi wọ́n níbẹ̀ bóyá omi ń yọ nínú ilé wọn. Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tó dé, ₦740,000 la sọ ọ́ sí, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí n bá wọn fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé pálọ̀ kí ẹ̀fọn má baà wọlé.

Bébà yẹn ṣì wà nínú fáìlì ilé náà, mo kọ ọjọ́ sí iwájú iye kọ̀ọ̀kan. Tó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọdún wọn pé, ẹnu ọ̀nà Ilé Kìíní ni mo ti máa kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn.